Òṣómàáló àti iye ọjọ́ tí owó ọjà fi ń há

*Ẹ ǹlẹ́ o. Ańkárá ni mò ń tà ní Gbági, Ìbàdàn, àwọn tó ń lọ tún un tà ní ìlú wọn ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ìwé mi ń fi èrè hàn, àmọ́ owó kì í sí nílẹ̀ tó bá di àtira ọjà tuntun. Bàbá mi ní kí n ṣe Òṣómàáló fún àwọn onígbèsè mi. Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ṣé ó sì lè yanjú ọ̀rọ̀ mi?*

Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé abúlé láyé àtijọ́ ló ni orúkọ yẹn. Wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ láwìn, oníbàárà á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí àdéhùn bá pé tí owó kò jáde, oníṣòwò á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní "òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Ìtìjú lójú ará àdúgbò ló sábà máa ń lé owó náà jáde. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn sọ ọ́ di ìnagijẹ gbogbo Ìjẹ̀ṣà, títí kan àwọn tí kò ta aṣọ rí.

Bàbá yín kò sọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n àwìn nìkan ni òṣó lè gbà. Owó yín máa ń kọ́kọ́ di aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ á di àwìn lọ́wọ́ oníbàárà, àwìn á tó wá padà di owó. Ẹ ro iye ọjọ́ tó fi wà nínú aṣọ pọ̀ mọ́ iye ọjọ́ tó fi wà nínú àwìn. Lẹ́yìn náà ẹ yọ iye ọjọ́ tí ẹni tó ń kó ọjà fún yín fi gbà yín láyè kí ẹ tó sanwó. Èyí tó kù ni iye ọjọ́ tí ẹ fi ń fi owó ara yín gbé òwò náà ró, òun ló sì ń jẹ́ kí èrè wà nínú ìwé kí àpò ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan tó jọ tiyín ṣe é. Ó ta ọjà ₦36,500,000 lọ́dún, ìyẹn ₦100,000 lójúmọ́. Ká tó mọ iye tí ọjà tó tà ná an, a ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó bá nílẹ̀. Aṣọ ₦3,600,000 ló wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ó ra ₦30,400,000 kún un, ₦4,800,000 ló sì ṣẹ́ kù nígbà tí ọdún parí. Aṣọ tó jáde jẹ́ ₦29,200,000 ní iye tó fi rà á, ìyẹn ₦80,000 lójúmọ́. Ní ọjọ́ tó ka ọjà yẹn, ₦4,500,000 wà níta lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, òun náà sì jẹ oníṣòwò Èkó tó ń kó ọjà fún un ní ₦1,600,000.

Iye tí ẹ ta ọjà ni ẹ kọ sínú ìwé àwìn, nítorí náà ₦100,000 ni ẹ máa fi pín ₦4,500,000. Ó jẹ́ ọjọ́ 45. Àmọ́ iye tí ẹ fi ra aṣọ ni ẹ fi ka èyí tó wà nílẹ̀, ₦80,000 ló yẹ kó pín ₦4,800,000, ó sì jẹ́ ọjọ́ 60. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á fi owó títà pín gbogbo rẹ̀, ọjọ́ 60 á di 48, wọ́n á rò pé ọjà ń yá. Gbèsè Èkó náà, ₦80,000 ló pín in, ó fún wa ní ọjọ́ 20. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní ṣíṣe lè fi iye tó ń rà lójúmọ́ pín in. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ọjọ́ kan. Àpapọ̀ rẹ̀: 45 + 60 − 20 = 85. Owó tó há jẹ́ ₦7,700,000, bẹ́ẹ̀ ìwé ń ṣírò èrè lójoojúmọ́.

Ẹ má tíì gba ọjọ́ 45 yẹn gbọ́. Ká ní ìdajì ọjà yìí ni wọ́n ń san lójú ẹsẹ̀, àwìn tí ẹ ń tà jẹ́ ₦50,000 péré lójúmọ́. Ẹ fi ìyẹn pín ₦4,500,000, àwọn tó ń gba àwìn ń gbé owó yín fún 90 ọjọ́. Àwọn tó ń san lójú ẹsẹ̀ ló bo àṣírí wọn. Ọjọ́ 45 ló wà fún àpapọ̀, nítorí gbogbo ọjà tí ẹ tà ló wà nínú rẹ̀. 90 ló yẹ kí ẹ gbé síwájú nígbà tí ẹ bá ń bi ara yín bóyá àwìn ti pọ̀ jù. Tí àdéhùn bá jẹ́ oṣù méjì, ẹni tó gùn dé oṣù mẹ́ta ni kí ẹ lọ lóṣòó tì. Tí ẹ bá dá 90 padà sí 60, ₦1,500,000 á wọlé. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ ya gbèsè tó ti kú sọ́tọ̀. Ẹni tó jẹ yín ní ₦900,000 láti ọdún méjì, tí kò tún yà sí ṣọ́ọ̀bù yín mọ́, òun nìkan ló ń ru ọjọ́ 9 nínú 45 yẹn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bí àwọn tó kù ṣe ń sanwó.

Aṣọ tó wà lórí pẹpẹ ńkọ́? Kò sẹ́ni tí ẹ máa lóṣòó níwájú rẹ̀ nítorí ìyẹn. Nínú òwò ańkárá, mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ń sùn sí, nítorí àwọ̀ àti àwòrán máa ń kọjá lọ. Bí ₦1,200,000 nínú ₦4,800,000 bá jẹ́ àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́, ọjọ́ 15 ló ń gbà nínú 60. Tí ẹ bá gbé e lọ ní ₦900,000, ẹ pàdánù ₦300,000, àmọ́ owó tó kù á tún padà di ọjà tó ń jáde. Bí ẹ bá fi pamọ́ kí iye rẹ̀ lè "gòkè padà", ẹ máa rí i pé ọjà tuntun ni iye ń gòkè lé lórí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ẹ ń ka ọjà. Ẹni tó kà á ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá á rí aṣọ rẹpẹtẹ, ẹni tó kà á lẹ́yìn ọdún á rí àwìn rẹpẹtẹ, kò sì sí èyí tó dà bí ìyókù ọdún nínú méjèèjì. Ẹ kà á ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àròpín oṣù 12 ṣe ìṣirò.

Ó máa wù yín láti fa ọjọ́ 20 ti Èkó gùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà fún ẹni tó sanwó lójú ẹsẹ̀. Ọjà tí ṣọ́ọ̀bù yìí ń tà ní ₦100,000, ₦80,000 ló ń rà á, ₦20,000 ni èrè kí a tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá fi ₦3,000 lé e torí pé ẹ fẹ́ oṣù kan sí i, inú ₦20,000 yẹn ló ti máa jáde, ẹ ó sì tún máa san án ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó ọjà.