Mẹ́sééjì bọ́dè fún àgbà tó wà lókè òkun: kí ló dé tí Yorùbá ẹ̀ ò fi dún bí Yorùbá?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán o. Ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi obìnrin tó wà ní Hiúsítìn fẹ́ ṣe bọ́dè àádọ́rin ọdún àti márùn-ún. Mo kọ mẹ́sééjì lóyìnbó, mo wá kọ Yorùbá sábẹ́ ẹ̀ báyìí: 'Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Mo nírètí pé ẹ ó ní ọjọ́ tó lẹ́wà. Mo súre fún yín.' Mọ́mì mi kà á, wọ́n ní kò dùn létí àwọn. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Ọmọ Ọ̀fà ni wá, Kúbúwà la ń gbé."

Mọ́mì ẹ ò purọ́, àbúrò. Òyìnbó lo kọ́kọ́ rò, o wá fi Yorùbá bò ó lórí. Òyìnbó máa ń fẹ́ kí ọjọ́ yẹn gan-an dùn, kéèkì, ẹ̀bùn, ó parí. Àwa ò bá ọjọ́ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ọdún tó kù nílẹ̀ la máa ń gbàdúrà sí, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé "ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀ láyé". "Mo nírètí pé" yẹn dà bí lẹ́tà téèyàn fi ń wáṣẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ka mẹ́sééjì sókè kí n tó fi ránṣẹ́, ìlà tí ẹni tó jókòó tì mí ò bá lè ṣe "àmín" sí, àdúrà kọ́ nìyẹn, mo máa yọ ọ́ ni. Dán tìẹ wò. "Ẹ ó ní ọjọ́ tó lẹ́wà", ta ló máa ṣe àmín sí ìyẹn?

"Mo súre fún yín" ló tiẹ̀ burú jù. Òkè ni ìre ti ń wá sílẹ̀, àgbà ló ń súre fọ́mọ. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bá fi fóònù gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rín ló kún inú ẹ̀: "Ìwọ lo wá ń súre fún mi báyìí? Bàbá mi ló jí dìde yẹn o." Ọmọdé lè gbàdúrà fún àgbà dáadáa o, kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, á wá fi Ọlọ́run ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, "Ọlọ́run á sọ́ yín", kì í ṣe "mo sọ pé". Tó bá sì parí, á ní kí wọ́n rántí òun nínú àdúrà, kí ìre lè padà gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Ti ọjọ́ orí yẹn, a kì í pè é ní "àádọ́rin ọdún àti márùn-ún". Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Ọgọ́rin la ti yọ márùn-ún, ìyẹn ni pé nínú kíkà tiwa àǹtí ẹ ti kọjú sí ọgọ́rin, wọn ò wo ẹ̀yìn mọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, bóyá èmi nìkan ni.

Wàyí o, nítorí pé wọn ò sí nílé, òwe tó máa sáré wá síni lẹ́nu ni "àjò kì í dùn kó dùn kí onílé má relé". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rọra. Létí àgbà tí ara ò jẹ́ kó wọ bàálù mọ́, tàbí tí ìwé ẹ̀ ò tíì jáde, ìbáwí ló máa jẹ́, bí ìgbà tó o ń bi í pé kí ló ṣì ń ṣe níbẹ̀. Sọ ọ́ di àdúrà, "Ọlọ́run á sìn yín wálé". Àwọn kan máa ń fi "ẹ ò ní kú sílẹ̀ òkèèrè" sí i. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́. Ta ló ń dárúkọ ikú níbi bọ́dè?

Ìlà mẹ́ta péré ti tó fún òyìnbó, òun ni kó ṣáájú. Àwọn ọmọ àti ọmọọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lo ń kọ ọ́ fún: kí wọn, dárúkọ nǹkan kan pàtó tí àǹtí ṣe fún ẹ (bóyá àwọn ló san owó JAMB ẹ), dúpẹ́, ó tán. Má kó àdúrà jọ síbẹ̀. Jẹ́ kí Yorùbá gbẹ̀yìn, kó lè jẹ́ òun ló máa kù sí wọn létí. Bí èmi ṣe máa kọ tiwọn rèé:

"Màmá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kúbúwà o. Ẹ kú oríire ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọmọ Ìyerú Ọ̀kín, mo bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá yín sí. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀ láyé nínú àlàáfíà. Alẹ́ yín á sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Orúnkún tó ń dùn yín, Ọlọ́run á fọwọ́ ìwòsàn kàn án. Ọlọ́run á sìn yín wálé, ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín tẹ ilẹ̀ Ọ̀fà. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà yín o, Ìyá wa."

Wo "ọmọ Ìyerú Ọ̀kín" yẹn, oríkì Ọ̀fà ni, ẹni tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tó gbọ́ ọ, orí ẹ̀ á wú. Ṣùgbọ́n má pe oríkì tiwọn gan-an, Àjọkẹ́ ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, àwọn tó jù wọ́n lọ ló ń pe ìyẹn. "Alẹ́" ni ìgbà ogbó, "òwúrọ̀" ni ìgbà èwe, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àdúrà yẹn fi wọ àgbà. Orúnkún ni mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, bi mọ́mì ẹ léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú gan-an kó o fi sí i. Ọlọ́run ni mo sì lò jálẹ̀, torí ilé ọmọ Ọ̀fà, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì lè jókòó sídìí àwo kan náà, gbogbo wọn ló máa ṣe àmín.

Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o. Tó o bá kọ "ẹ̀yin" tí ò lámì, ẹyin adìẹ lo pe àgbàlagbà. Tó o bá sì ń gbàdúrà fún ọkọ wọn tí o ò fi àmì sísàlẹ̀ ọ, oko lo kọ yẹn, mi ò sì ní sọ nǹkan mìíràn tí wọ́n tún lè kà á sí. Nínú Gboard, lọ sí Languages, tẹ Add keyboard, mú Yoruba, àmì wà níbẹ̀.

Má sì fi ránṣẹ́ láago méjìlá òru. Hiúsítìn fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje gbẹ̀yìn wa, bí ìgbà òtútù àti ìgbà oòrùn wọn bá ṣe rí, nígbà yẹn ìrọ̀lẹ́ àná ló ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Tó o bá sì pè wọ́n láago méje àárọ̀ tiwa, òru ni lọ́dọ̀ tiwọn, fóònù tó bá sì dún lóru láti ilé, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ máa ń ba àgbà kó tó gbé e. Aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ni kó o fi sí, wọ́n á ti jí, wọ́n á ti máa mu tíì.