Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́rin nílé: bí ẹ ṣe lè tò ó fún èèyàn méjìlá

“Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Àwa méjìlá là ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀rá kékeré kan l'Ọ́tà. Ẹ̀rọ méjì ló ń fẹ́ ọ̀rá, méjì ń gé e. Ọ̀gá ní ká máa ṣe wákàtí méjìlá, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin nílé, kí ẹ̀rọ má dúró. Èmi ni wọ́n ní kí n to orúkọ. Ṣé kí n kàn pín wa ní mẹ́ta-mẹ́ta sọ́nà mẹ́rin ni?”

Rárá, ẹ má pín in bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ṣíìfìtì nílé iṣẹ́ ọ̀rá l'Ágbára, mẹ́ta-mẹ́ta yẹn máa ń dùn lójú ìwé ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó wo èèyàn. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá, ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbóná padà, èyí tó kù sínú rẹ̀ á jó, ẹ ó sì máa da ọ̀rá dúdú-dúdú nù títí yóò fi mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gé kò ní wàhálà yẹn. Ẹ pa á lálẹ́, ẹ tan án láàárọ̀, kò sóhun tó bàjẹ́.

Nítorí náà, àwọn tó ń fẹ́ ọ̀rá nìkan ló nílò tọ̀sán-tòru. Ẹ fi èèyàn mẹ́jọ síbẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́rin, méjì-méjì. Àwọn mẹ́rin tó kù á máa gé ọ̀rá lọ́sàn-án nìkan: méjì á ṣe ọjọ́ mẹ́rin, méjì kejì á gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí obìnrin bá wà láàárín yín, ibi gígé yìí ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, torí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 55, kò gbà kí obìnrin ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfi nọ́ọ̀sì àtàwọn tó wà nípò ọ̀gá tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Bí mo ṣe máa ń to ẹgbẹ́ mẹ́rin yẹn nìyí. Ọ ni ọ̀sán, A ni alẹ́, I ni ìsinmi:

```
Ọjọ́     1 2 3 4 5 6 7 8
Ẹgbẹ́ 1  Ọ Ọ A A I I I I
Ẹgbẹ́ 2  I I Ọ Ọ A A I I
Ẹgbẹ́ 3  I I I I Ọ Ọ A A
Ẹgbẹ́ 4  A A I I I I Ọ Ọ
```

Tó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ padà sí ọjọ́ kìíní. Ẹ óò rí i pé lójoojúmọ́, ẹgbẹ́ kan wà lọ́sàn-án, ẹgbẹ́ kan wà lálẹ́.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣe ọ̀sán mẹ́rin, ẹ sinmi mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá ṣe alẹ́ mẹ́rin. Òun náà bá ìṣirò mu, èmi ni kò wù. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, alẹ́ mẹ́rin léra ni wọ́n ń ṣe. Tó bá di alẹ́ kẹta, láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí, ẹ óò bá ọpurétọ̀ tó jókòó sórí àpò ohun èlò, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ọ̀rá tó ń gòkè lọ ti fì sí apá kan, apá kan rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò rí i. Ó di ìgbà tí wọ́n bá wọn rólù náà láàárọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò yín ń pa èèyàn lára, ẹ máa kọ wákàtí tí rólù kọ̀ọ̀kan jáde sí ẹ̀gbẹ́ ìwúwo ọ̀rá tó bàjẹ́. Bí èyí tó pọ̀ bá kó jọ sí ìdájí alẹ́ tó kẹ́yìn, oorun ni, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù wá ni ti ẹni tí kò wá. Tó bá jẹ́ lọ́sàn-án, ó rọrùn: ẹni kan nínú àwọn tó ń gé á bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣẹ́ fífẹ́ ọ̀rá. Lálẹ́, èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ lóru, ẹ má sì sọ fún ẹni tó ṣe ọ̀sán pé kó tún ṣe é mọ́jú. Ẹ pe ẹni tó wà nílé, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti gbé fóònù. Ẹni tó wà ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dé láti iṣẹ́ alẹ́, kò tíì sùn tán. Ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹrin ń wọṣẹ́ ọ̀sán láàárọ̀ ọ̀la. Àwọn méjèèjì kò ṣe é pè.

Ẹ wá padà wo àtẹ yẹn. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn tó wà nílé á wà ní ọjọ́ ìsinmi kẹta: àwọn ni kẹ́ ẹ pè. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ kejì, ẹgbẹ́ tó wà ní ọjọ́ ìsinmi kejì ni. Fún àpẹẹrẹ, bí ẹnì kan ní Ẹgbẹ́ 4 kò bá wá lálẹ́ ọjọ́ 1, ẹ pe Ẹgbẹ́ 2. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 2, ẹ pe Ẹgbẹ́ 3. Bó ṣe máa rí nìyẹn títí lọ. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ara àtẹ kí kálukú ti mọ alẹ́ tí wọ́n lè pe òun, kẹ́ ẹ sì fún un ní nǹkan díẹ̀ fún dídúró, ì báà jẹ́ pé ẹ kò pè é. Láìsí owó yẹn, fóònù gbogbo wọn á kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá wá rí ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀gá á pariwo, ẹ jẹ́ kó ti gbà sí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Ti owó: wákàtí 42 ló ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá dá a ṣírò, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ 48, òmíràn á jẹ́ 36. Bí wọ́n bá ń san yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́, ìjà á ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó oṣù kan náà. Òfin ní àdéhùn ni yóò sọ iye wákàtí iṣẹ́, ohun tó bá lé sí i jẹ́ ófátáìmù, nítorí náà kí 42 yẹn wà nínú ìwé. Òfin yẹn kan náà béèrè ìsinmi wákàtí kan, ó kéré tán, lápapọ̀ nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan tó bá tó wákàtí mẹ́fà. Àwa máa ń ṣe é ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á máa wo ẹ̀rọ méjèèjì bí ẹnì kejì ṣe ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò nítòsí.

Ètò ọjọ́ mẹ́jọ kò bá ọ̀sẹ̀ ọjọ́ méje rìn, ọjọ́ kan ló fi ń sún síwájú. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sátidé àti Sunday máa bọ́ pa pọ̀ sínú ìsinmi ẹnì kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń kírun Jímọ̀ á fẹ́ máa pààrọ̀ ọjọ́. Ẹ gbà fún wọn, tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní ti ọ̀sán wọ alẹ́ tàbí ti alẹ́ wọ ọ̀sán láìsùn.

Ẹ lo aago méje, kì í ṣe mẹ́fà. Ẹni tó ń ti Ṣàngó tàbí Ìfọ̀ bọ̀ ní aago mẹ́fà á ti jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nídìí ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́nu géètì, kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀, Ẹgbẹ́ 4 ló ń bọ́ sí alẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ kankan lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.