Ègé àlá kan ti tó kọ

"Ẹ jọ̀ọ́, ègé-ègé àlá ló máa ń kù lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe lè fi kọ nǹkan nípa ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn?"

Ègé kan ti tó. Bí ẹ bá lajú, ẹ má tíì yíra padà, ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ kọ́kọ́ mú bó ṣe rí lára yín, torí ó lè pẹ́ lára ju ohun tí ẹ rí lọ.

Lóṣù tó kọjá, gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kan tó ń rọ̀ bí ọṣẹ nínú ihò ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi "ojú ń tì mí" sí i (ó ya èmi náà lẹ́nu pé kì í ṣe ẹ̀rù), mo sì pa ìwé dé. Nírọ̀lẹ́, mo kọ ìbéèrè kan sábẹ́ rẹ̀: "Níbo lojú ti ń tì mí báyìí?" Iṣẹ́ tí mo gbà tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ló wá sí mi lọ́kàn, tí mi ò sì lè sọ fún ọ̀gá mi. Nípa ìyẹn ni mo kọ ojú ìwé kan àbọ̀. Mi ò dárúkọ kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Bí àlá yín bá ti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tó dán, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti máa bù mọ́ ọn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò dá yín lójú.