Fùláwà wọ́n, àmọ́ mi ò fẹ́ pàdánù àwọn oníbàárà mi

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe l'Óṣogbo, àwọn ìyá kan ló sì ń gbà á lọ́wọ́ mi tà. Àpò fùláwà tí mò ń rà ní náírà 48,000 ti di 62,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Búrẹ́dì ńlá tí mò ń fún wọn ní 1,050 kò mówó wọlé mọ́. Ìyá kan tó ti ń gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ sọ pé bí mo bá fi kọ́bọ̀ lé e, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì mìíràn lòun ń lọ. Ọkọ mi ní kí n rọra dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò rí oorun sùn. Kí ni kí n ṣe?*
*— Oníbúrẹ́dì, Òṣogbo*

Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ má tíì fi nǹkan kan lé e, ẹ má sì tíì dín nǹkan kan kù. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ ṣírò gbogbo ohun tí àpò kan ń ná yín, torí bí fùláwà bá wọ́n báyìí, ìpayà lè jẹ́ kéèyàn fi owó tó pọ̀ jù lé ọjà.

Mo máa fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi iye tiyín rọ́pò. Àpò fùláwà kílò 50, tẹ́ ẹ bá po kílò mẹ́fà ṣúgà, kílò méjì àbọ̀ bọ́tà, yíìsì, iyọ̀ àti nǹkan bíi lítà 27 omi mọ́ ọn, á fún yín ní bíi kílò 85 ìyẹ̀fun pípò, lẹ́yìn èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti tábìlì. Tẹ́ ẹ bá gé e ní gíráàmù 850, ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì ni. Ká ní àwọn èròjà yòókù jẹ́ náírà 21,800, kí igi, epo jẹnẹrétọ̀, ọ̀rá àti owó òṣìṣẹ́ sì jẹ́ 23,000. Nígbà tí fùláwà jẹ́ 48,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 92,800, búrẹ́dì kan ń ná yín ní 928, èrè 122 sì wà lórí rẹ̀. Ní báyìí ó di 106,800. Búrẹ́dì kan di 1,068, ẹ sì ń pàdánù náírà 18 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wò ó dáadáa: fùláwà fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, àmọ́ ohun tí búrẹ́dì kan ń ná yín fi ìdá 15 péré lọ sókè, ìyẹn náírà 140. Ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ló máa ń fi ìdá 29 yẹn lé búrẹ́dì fúnra rẹ̀, tí 1,050 á fi di 1,350 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn gan-an ló ń lé oníbàárà lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 1,200 ti tó yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lo iye yìí, ẹ wo iye tẹ́ ẹ ra ṣúgà àti bọ́tà kẹ́yìn, torí àwọn náà lè ti kúrò níbi tí wọ́n wà.

Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ọkọ yín o. Tẹ́ ẹ bá fi gíráàmù 750 sínú agolo tó ń gba 850, kò ní kún un. Ọmọṣẹ́ yín á jẹ́ kó wú pẹ́ títí tó fi dé ẹnu agolo, á sì wú kọjá agbára rẹ̀. Tó bá dénú ààrò, àárín rẹ̀ á wọlẹ̀. Tí wọ́n bá gé e, ihò ńláńlá ló máa wà nínú rẹ̀, á máa rún sínú ọ̀rá, á sì ti gbẹ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́. Àwọn ìyá tó ń tà á ló máa kọ́kọ́ mọ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa dá èyí tó gbẹ padà sí. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ sára ọ̀rá ti di irọ́ náà nìyẹn, NAFDAC sì lè mú yín fún un. Bákan náà ni kẹ́ ẹ má fi sákárínì rọ́pò ṣúgà. Òun dùn lóòótọ́, àmọ́ yíìsì kì í jẹ ẹ́, kì í jẹ́ kí ara búrẹ́dì pọ́n, kì í sì í mú un rọ̀.

Níbi ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti wá owó. Tí ọmọṣẹ́ bá fi gíráàmù 20 péré kún ìgé kọ̀ọ̀kan, búrẹ́dì méjì ti dínkù nínú àpò kan. Tí méjì mìíràn bá jóná, 96 lẹ ń rí, kì í ṣe 100. Ní 1,200, náírà 4,800 nìyẹn, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí fùláwà fi gbówó lórí lọ. Kí wọ́n tó ká ìyẹ̀fun náà sínú agolo, ẹ mú ìgé mẹ́wàá láìṣà, kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀. Kílò mẹ́jọ àbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye tó jóná lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ iye yín, ẹ fẹnu ara yín sọ fún àwọn ìyá náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kó má jẹ́ àárọ̀ tí wọ́n wá gba búrẹ́dì ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì la owó náà yé wọn: fùláwà fi 14,000 lọ sókè, ó kan búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ní 140, 150 lẹ fi lé e. Ẹ fi í lé e lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ 50 lónìí, 50 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa bá àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ tiwọn fa ọ̀rọ̀. Ẹ wá ṣe òfin kan tí gbogbo wọn mọ̀: tí àpò bá fi 5,000 lọ sókè tàbí wálẹ̀, 50 náírà máa kún tàbí kúrò lórí búrẹ́dì ńlá kan. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá wálẹ̀ lóòótọ́, ẹ dín in o, torí wọ́n máa rántí.

Ẹ lè ṣe àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín lóore pẹ̀lú fùláwà tẹ́ ẹ rà ní iye àtijọ́, àmọ́ ẹ fi gbèdéke sí i. Tẹ́ ẹ bá ta búrẹ́dì inú rẹ̀ ní 1,050, èrè orí àpò kan jẹ́ 12,200, àpò tuntun sì ń béèrè 14,000 lé lórí owó àtijọ́. Gbogbo èrè yín ló máa wọ inú rẹ̀, kò sì ní tó. Tẹ́ ẹ bá ní àpò méjìlá nílẹ̀, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ kan, fún àwọn tó ń san owó lójú ẹsẹ̀, kí kálukú gba iye tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tí 1,200 bá ga jù fún, ẹ ṣe búrẹ́dì kékeré ní gbangba: ìgé gíráàmù 500, nínú agolo tirẹ̀, ọ̀rá tirẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tó jẹ́ òótọ́ lára rẹ̀. Àpò kan máa fún yín ní bíi 170. Pẹ̀lú ọ̀rá tó lé sí i, ọ̀kan á ná yín ní bíi 635, ẹ lè fún wọn ní 720. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ńlá ṣì lérè fún ẹni tó ń rà á díẹ̀ jù ú lọ.

Ní ti ìyá tó fẹ́ lọ, ẹ má bá a jà. Tí oníbúrẹ́dì kejì bá ṣì ń tà ní 1,050, ó lè jẹ́ pé fùláwà àtijọ́ ló wà nílẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti dín ìwọ̀n kù. Ẹ ní kó gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà lọ́jà, kó sì gé ti àná wò. Tó bá jẹ́ pé àwìn ló ń gbà, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ kí ọjọ́ owó tuntun tó pé, kẹ́ ẹ kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ kó sì san án. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò lè ra fùláwà tẹ́ ẹ fẹ́ lò lọ́la.