Gbólóhùn tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà yín sí òtẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣètò àpérò kan. Máníjà tó ń bójú tó títa yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì gbà láti dín owó kù fún wa tí a bá gba yàrá 60 fún alẹ́ 3, ṣùgbọ́n ó ní a máa san owó èyí tó bá ṣófo. Kí ni kí n kọ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dúnàá dúrà lórí ẹ̀dínwó. Ọ̀rọ̀ yàrá tó ṣófo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí ó lè gbé gbogbo owó tí wọ́n dín fún yín lọ.

Yàrá 60 fún alẹ́ 3 jẹ́ 180. Ká ní àdéhùn sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ kún ìdá 80 nínú 100, ìyẹn 144. Àlejò gba yàrá 55 lálẹ́ àkọ́kọ́, 55 lálẹ́ kejì. Lálẹ́ kẹta, ọ̀pọ̀ ti lọ sílé, ó ku 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 146. Bí wọ́n bá ka alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kà á lálaalẹ́, 48 ni alẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ẹ ó sì san owó yàrá 12 fún alẹ́ ìkẹyìn. Àlejò kan náà ni o, yàrá kan náà.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

“A dúpẹ́ fún ẹ̀dínwó tí ẹ ṣe fún wa. Kí a tó buwọ́ lùwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àpapọ̀ alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó fi ṣírò. Pé a lè dá yàrá 10 padà lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ìgbà tó bá ku ọjọ́ 60 sí àpérò. Pé yàrá wa tí ẹ bá rí ẹlòmíràn gbé fún, ẹ kò ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àti pé ẹ ó ka olùkópa wa tó bá gba yàrá gba ọ̀nà mìíràn mọ́ tiwa. Iye yàrá tí àlejò wa lò lálaalẹ́ ní àpérò tó kọjá wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.”

Ẹ má fi ti olùkópa yẹn ṣeré rárá. Bí owó tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kéré sí tiyín, ibẹ̀ ni wọ́n máa lọ. Òtẹ́ẹ̀lì á kún fún èèyàn yín, àdéhùn á sì máa sọ pé yàrá yín ṣófo. Ẹ fún òtẹ́ẹ̀lì ní orúkọ àwọn olùkópa kí wọ́n fi wé ìwé àlejò wọn.

Àkọsílẹ̀ àpérò tó kọjá ló máa ń mú kí máníjà gbà, torí òun náà ní ọ̀gá tó máa bi í léèrè. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ gba yàrá 45 dípò 60, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kún un ní iye owó kan náà bí yàrá bá ṣì wà.

Bí gbèsè bá sì wá wà, èrè tó yẹ kí wọ́n jẹ lórí yàrá ni kí ẹ gbà láti san, kì í ṣe owó yàrá lódindi. Yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí, wọn kò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọn kò sì san owó ẹni tó tún un ṣe.