Nọ́ńbà mẹ́wàá lábẹ́ ìlà kórálì kan: mẹ́rin tí olùkọ́ fàlà sí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́kọ́lá níbí n'Íbàdàn ni mo wà, ténọ̀ ni mò ń kọ nínú kúáyà wa, mo sì ń kọ́ tíọ́rì orin. Olùkọ́ fún wa ní ìlà kórálì kékeré kan, ohùn mẹ́rin, kíì G, pé ká kọ nọ́ńbà Róòmù sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé: I, vii, I, vi, vi4/2, IV, I6/4, V, V7, I. Wọ́n fi bírò pupa fàlà sí vii, vi4/2, IV àti I6/4, wọn ò sọ ìdí. Níbo ni mo ti ṣì í? Ìlà náà nìyí:

```
S:  G | A   B   B    A | G   F#   G
A:  D | D   D   E    E | D   D-C  B
T:  B | C   B   G    A | B   A    G
B:  G | F#  G   E-D  C | D   D    G
```

Ìdáhùn: Àlà mẹ́rin ni wọ́n fà, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta péré ló fà wọ́n. vii àti IV, àṣìṣe kan náà ni: ẹ wo nóòtì tó wà ní báàsì, ẹ sì gbà pé òun ni ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù. vi4/2 wá láti inú sísọ gbogbo ohun tí etí bá gbọ́ lórúkọ. I6/4 ní tirẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe gan-an, ọ̀rọ̀ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti IV, nítorí òun ló rọrùn jù láti rí. Ẹ lọ sí bíìtì kẹrin nínú báà àkọ́kọ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nóòtì tó wà níbẹ̀ ni C, A, E, A. Ẹ yọ èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, ó ku C, A àti E. Ẹ wá tò wọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ààyè kẹta jìnnà sí èkejì. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti C, C-E ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n G ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kò sì sí G kankan nínú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti A, A-C-E jókòó pẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi sọ́fà kọ́ orin á tètè rí i: r, f, l lẹ ní lọ́wọ́, kì í ṣe f, l, d. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni r, nóòtì kejì nínú kíì G, ii nìyẹn. Láti A dé C jẹ́ ìdajì ohùn mẹ́ta, kọ́ọ̀dù kékeré ni, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré. (Gottfried Weber, ará Jámánì tí ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ jáde ní 1817, wà lára àwọn tó fìdí àṣà yìí múlẹ̀, pé kí nọ́ńbà ńlá dúró fún kọ́ọ̀dù ńlá, kí kékeré dúró fún kékeré.) Báàsì ló mú C, ìyẹn kẹta kọ́ọ̀dù. Ẹ kà láti C lọ sókè: E jẹ́ kẹta, A jẹ́ kẹfà. Nítorí náà ii6 ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé sòpúránò àti ténọ̀ jọ wà lórí A. Nínú kórálì, ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́ẹ̀mejì, àmì rere nìyẹn. Àmì lásán ni o, kì í ṣe òfin: ẹ padà sí bíìtì kejì, B ló wáyé lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, síbẹ̀ I ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni G.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ máa fi tú vii, àmọ́ nóòtì kan wà níbẹ̀ tí ẹ fojú fò. Bíìtì àkọ́kọ́ ní F#, C, D, A. Orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú F#, A àti C, ẹ sì fi D sílẹ̀, bóyá nítorí pé áltò ti wà lórí D yẹn látìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí bíìtì kejì fi kọjá. Ohùn tó dúró sójú kan máa ń sá pamọ́ fún ojú, ṣùgbọ́n ó wà nínú kọ́ọ̀dù. Ẹ tò wọ́n láti F#: F#-A-C, D kò sì rí ibi jókòó sí, torí E ló yẹ kó tẹ̀ lé C. Ẹ tò wọ́n láti D: D-F#-A-C, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. D ni nóòtì karùn-ún kíì yìí, C sì ni keje kọ́ọ̀dù. Láti F# tó wà ní báàsì, A jẹ́ kẹta, C karùn-ún, D kẹfà. Ẹ kọ ọ́ ní V6/5.

Ohùn méjì fúnra wọn jẹ́rìí sí i. Keje kọ́ọ̀dù, ìyẹn C, wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ténọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí B ní bíìtì tó tẹ̀ lé e. F# tó wà ní báàsì gòkè sí G. Bí V7 ṣe máa ń tú nìyẹn. Tí áltò bá ti kọ A dípò D, nígbà náà la máa ní vii, a ó sì fi òbìrí kékeré sí i lára, vii°. Àmọ́ kórálì kì í sábà fi vii° sí ìdúró ìpìlẹ̀. vii°6, tí A wà ní báàsì, ni ẹ máa ń bá pàdé. Torí náà, tí ẹ bá rí i pé vii láìsí 6 ni ẹ kọ, ẹ tún ka ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ti vi4/2, ẹ kò ka nóòtì kankan ní àṣìṣe. Ní ìdajì kejì bíìtì kẹta, báàsì wà lórí D nígbà tí E, G àti B ṣì ń dún lókè, àkópọ̀ yẹn sì rí bí vi7 tí keje rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí D yẹn ti wá àti ibi tó ń lọ. Báàsì wà lórí E, ó fẹ́ dé C, ó fi D tẹ ẹsẹ̀ láàárín. Ìdajì bíìtì ló lò, ibi tí kò lágbára nínú bíìtì ló bọ́ sí, kò sì sí ohùn míì tó mira. Nóòtì tó ń kọjá lọ ni. Ẹ fi òbìrí yí i ká lórí ìwé, kí vi kan ṣoṣo gba gbogbo bíìtì náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí dùrù: ẹ kọ́kọ́ ta ìlà náà bó ṣe wà, kí ẹ tún un ta, kí báàsì di E mú títí bíìtì fi parí, kó wá fò sí C. Ẹ ó gbọ́ pé ọ̀nà tí kọ́ọ̀dù ń gbà kò yí padà, ìrìn báàsì nìkan ló le díẹ̀. Tí D yẹn bá gba bíìtì kan gbáko, màá gbà kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fàlà sí V7, nígbà tó jẹ́ pé áltò náà ń rìn D-C-B, tí C rẹ̀ sì gba ìdajì bíìtì bíi ti báàsì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní ti ìrìn, nóòtì tó ń kọjá lọ ni òun náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ibi ìparí ló wà, ó sì jẹ́ keje V gan-an, òun ló ń fa etí lọ sí B nínú kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn. Àwọn olùkọ́ máa ń fẹ́ rí i lórí ìwé. Ṣùgbọ́n kò nílò nọ́ńbà Róòmù tuntun, torí V ò tíì kúrò níbi tó wà. Ẹ kọ 8–7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ V kan náà, ó tó.

Ó wá ku I6/4. Nóòtì inú rẹ̀ ni D, B, D, G. Ẹ tò wọ́n, G-B-D ni, I ni lóòótọ́, D ló sì wà ní báàsì. Ẹ kò ṣi nóòtì kà. Àmọ́ I ní kíì G túmọ̀ sí ilé. Ẹ ta ìlà náà dé bíìtì àkọ́kọ́ báà kejì, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Tó bá jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò sẹ́ni tó máa jókòó. Etí mọ̀ pé a ò tíì délé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé báàsì ti dé D, ó dúró de àwọn tó kù. Sòpúránò pẹ́ díẹ̀ lórí G kó tó bọ́ sí F#, ténọ̀ pẹ́ lórí B kó tó bọ́ sí A. Láti D, G jẹ́ kẹrin, ó di kẹta. B jẹ́ kẹfà, ó di karùn-ún. V ni bíìtì méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ kàn fi ohùn méjì pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ lónìí fi ń kọ V lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sì kọ 6–5 àti 4–3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni èmi náà fara mọ́, torí ó sọ ohun tí etí ń gbọ́.

Àwọn ìwé kan ṣì ń kọ I6/4–V, àwọn ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì ń fi lẹ́tà kọ ọ́: Ic–V–I, níbi tí b ti jẹ́ ìyípadà àkọ́kọ́, tí c sì jẹ́ èkejì. Ẹ bi olùkọ́ yín irú èyí tí wọ́n ń gbà, kí ẹ má sì da méjì pọ̀ lábẹ́ ìlà kan. Èyí ó wù kó jẹ́, 6/4 ìparí gbọ́dọ̀ bọ́ sórí bíìtì tó lágbára ju ti V tó tẹ̀ lé e lọ. Nínú ìlà yín, bíìtì àkọ́kọ́ àti èkejì ni, ó tọ́. Tí ẹ bá rí D-B-G bẹ́ẹ̀ lórí bíìtì tí kò lágbára, ẹ má sáré pè é ní ti ìparí.

Ní ìgbẹ̀yìn, kọ́ọ̀dù tó parí ìlà náà ní G mẹ́ta àti B kan, kò sí D. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Karùn-ún lè sọnù láìyí orúkọ padà, ohùn inú ló fà á: áltò gbọ́dọ̀ bá C sọ̀kalẹ̀ sí B, ténọ̀ sì bá A sọ̀kalẹ̀ sí G. Tí B ló bá sọnù, ìgbà yẹn ni a ò ní mọ̀ bóyá kọ́ọ̀dù ńlá ni tàbí kékeré.

Bó ṣe yẹ kó rí lórí ìwé yín nìyí:

```
G:  I | V6/5  I  vi  ii6 | V6/4 - 5/3(8-7)  I
```

Nínú mẹ́wàá tí ẹ kọ, méje ló kù. Tí wọ́n bá fún yín ní ìlà míì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: ẹ kọ V àti I ìparí, ẹ yí òbìrí ká gbogbo nóòtì ìdajì bíìtì tó bọ́ sáàárín méjì tó wà nítòsí ara wọn, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan sábẹ́ èyí tó kù.