Kí ni ká máa pe bírékà tí Faransé ń pè ní dìféransíẹ̀lì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi wá láti Kùtọnu fún kànga ìlú wa nítòsí Kàbà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, èmi tí mo gbọ́ ọ díẹ̀ ni wọ́n sì ní kí n tú u sí Yorùbá. Mo ti pàdé ọ̀rọ̀ kan, dísíjọnkítọ̀ dìféransíẹ̀lì, n kò rí Yorùbá rẹ̀ níbì kankan. Ṣé kí n yá a bẹ́ẹ̀, àbí kí n ṣẹ̀dá tiwa?

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò. Yá ìdajì, kí o ṣẹ̀dá ìdajì. Bírékà amọ̀yàtọ̀ ni èmi yóò pè é.

Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ló yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀. Iná tí ẹ̀rọ omi yín ń lò ń gba wáyà láìfù wọlé, ó sì ń gba wáyà nútírà padà. Iye tó lọ àti iye tó bọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ara wáyà bá bó nínú kànga, tàbí tí ọmọ kan dúró lórí ilẹ̀ tútù tó fọwọ́ kan irin tí iná ti dé, díẹ̀ nínú iná náà á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, kò ní bá nútírà padà mọ́. Ohun tó mú àpótí kékeré yìí yàtọ̀ sí bírékà lásán ni pé ó tún ń fi èyí tó lọ wé èyí tó bọ̀. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ti tó iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, á já iná lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo èèyàn, 30 mA ni wàá rí lára rẹ̀, ìyẹn ni pé bí a bá pín áńpù kan sí ọ̀nà 1,000, a mú 30 níbẹ̀. Bírékà lásán kò lè rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 16 sí lára kò ní já títí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò fi ju áńpù 16 lọ, ẹni tí iná gbé á sì ti kú kó tó dìgbà yẹn.

Ìyàtọ̀ yẹn ni àwọn Faransé wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ni kí àwa náà wò. A mọ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé: ẹni tó mọ òfin, amòfin; ẹni tó mọ ìwé, ọ̀mọ̀wé. Èyí tó mọ ìyàtọ̀, amọ̀yàtọ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kí ló dé tí n kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún bírékà náà? Nítorí pé ó ti wà lẹ́nu àwọn oníná ní Kàbà, Ìsánlú àti Lọ́kọ́ja. Bí o bá kọ “ajáná” sínú ìwé, kí ọmọkùnrin tí ẹ rán lọ sọ́jà wá máa bèèrè ajáná lọ́wọ́ ẹni tó ń ta wáyà, wọ́n á wò ó títí. Yíyá ò kúkú tì wá lójú, àlùbọ́sà àti fìtílà wa náà, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n dísíjọnkítọ̀ dìféransíẹ̀lì lódindi jẹ́ sílébù mọ́kànlá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o pè é ní bírékà agbẹ̀mílà. Má gbà. Ẹni tó fi ọwọ́ kan di láìfù mú, tó fi ìkejì di nútírà, tó sì dúró lórí pákó gbígbẹ, iye tó wọ inú rẹ̀ náà ló jáde. Kò sí ìyàtọ̀, bírékà náà kò sì ní já. Orúkọ tó ṣèlérí ìyè á jẹ́ kí oníná kan gbójú lé e.

Ẹlòmíràn á ní kí o pè é ní bírékà ìjò, torí pé iná tó gba ilẹ̀ lọ dà bí omi tó ń jò. Ìtumọ̀ yẹn kò burú rárá, àmì ohùn ni yóò bà á jẹ́. Àwọn tó ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ògiri lọ́dọ̀ wa kì í fi àmì sí i. Láìsí àmì, ẹlòmíràn á kà á sí bírékà ijó, ẹlòmíràn á rò pé iná tó ń jó ilé ni. Tí wọn ò bá fàmì sórí amọ̀yàtọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni wọ́n á máa kà á.

Ìdí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi nìyí. Faransé tún ní ẹ̀ńtẹ̀rútọ̀ dìféransíẹ̀lì, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ lójú. Òun náà ń mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tó lọ àti èyí tó bọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí iná bá pọ̀ jù. Bí ẹ̀rọ bá há tó ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní já, wáyà ni yóò gbóná títí á fi yọ́, àfi bí bírékà lásán bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí o bá ti pe àkọ́kọ́ ní bírékà amọ̀yàtọ̀, wàhálà tán: èkejì ni súwíìṣì amọ̀yàtọ̀. Orúkọ kan tí o bá dá sórí àkọ́kọ́ nìkan kò lè ṣe èyí, wàá tún ní láti wá òmíràn.

Àwọn Faransé náà máa ń wá ọ̀rọ̀ tiwọn dípò kí wọ́n yá ti ẹlòmíràn. Ní 1955, nígbà tí ilé iṣẹ́ Ai-Bi-Ẹmu ti ilẹ̀ Faransé ń wá orúkọ fún kọ̀ǹpútà, Jacques Perret, olùkọ́ èdè Látìnì, fún wọn ní ọ̀dínatọ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti fi ń pe Ọlọ́run pé Òun ló ń to ayé létòlétò. Wọn ò yá kọ̀ǹpútà. (Pé Ọlọ́run ni wọ́n lọ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ju tèmi lọ.)

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá kọ́kọ́ jáde nínú ìwé rẹ, ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí o sì ya lẹ́tà Faransé tó wà lára àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí, kí òǹkàwé lè rí i pé nǹkan kan náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, má tún pè é ní orúkọ mìíràn. Má fi Owé, ẹ̀ka èdè Kàbà, kọ ọ́, torí pé ará Ìyàgbà àti Bùnú náà lè wá tún ẹ̀rọ yẹn ṣe. Yorùbá ilé ìwé ni kí o lò. Ó lè rí báyìí:

“Bírékà amọ̀yàtọ̀ ni èyí tó ń já iná nígbà tí iná tó lọ kò bá dọ́gba mọ́ pẹ̀lú èyí tó bọ̀, àti nígbà tí iná bá pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tẹ bọ́tìnnì T tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá já, ẹ má lo ẹ̀rọ omi, ẹ pe oníná.”

Kà á fún oníná kan kó o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Bó bá bi ọ́ pé “ìyàtọ̀ láàárín kí ni?”, orúkọ náà dára, àlàyé rẹ ni kò tíì tó. Bó bá ní “áà, bírékà tó lágbára”, á jẹ́ pé kò gbọ́ ọ, tún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kọ.

Tí o bá sì pàdé ọ̀ńdúlọ̀ níwájú, má ṣẹ̀dá ohunkóhun: ìnfátà tí gbogbo wa ń pè ni. Kìkì pé Faransé tún máa ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àpótí oníbátìrì tí wọ́n ń gbé sídìí kọ̀ǹpútà kí iná má bàa já a lójijì, nítorí náà wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o tó kọ ọ́.